Ọtí, Oúnjẹ àti Ọkọ̀ Ìpadàsílé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹbí Ìyàwó àti Ẹbí Ọkọ

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin tí a yàn láti pín ọtí lọ́jọ́ Sátidé ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá mu ọtí wa, ọwọ́ wa ló wà títí yóò fi délé.

Kí oúnjẹ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àlejò kò ní tíì jẹun láti àárọ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé. Kí mọ́ínmọ́ín, pọfupọ́ọ̀fù àti ẹja díndín ti wà lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí kúlà. Oúnjẹ máa ń jẹ́ kí ọtí rọra wọ ẹ̀jẹ̀, àmọ́ kò pa agbára rẹ̀. Kí alásè tún fi àmàlà pamọ́ di aago mẹ́rin, nítorí ìgbà tí ìlù bá gbóná ni wọ́n máa ń mu jù.

Omi tútù gbọ́dọ̀ wà níwájú oníkálukú láìjẹ́ pé ó bèèrè. Ẹni tó jó nínú agbádá títí òùngbẹ fi gbẹ ẹ́, tí kò rí omi, bíà ni yóò fi pa òùngbẹ. Ẹ gbé zóbò àti mọ́ọ̀tì síwájú pẹ̀lú iyì kan náà tí ẹ fi ń gbé ọtí.

Ẹ má ṣe kó kéréètì sábẹ́ tábìlì. Kí ìgò kan tán kí a tó fúnni ní òmíràn. Ìgò bíà ńlá, sẹ́ńtílítà 60, lè gba ara ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kọfí tàbí ìwẹ̀ omi tútù kò lè mú un yá. Ẹmu tó dùn láàárọ̀ á ti le gan-an nírọ̀lẹ́. Párága ò gbọdọ̀ wọlé rárá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí ògógóró inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má fún aboyún, awakọ̀, tàbí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọtí kankan.

Bí àgbàlagbà kan bá ti mu kọjá ààlà, ẹ kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún yín." Bí ó bá bínú, ẹ má bá a jiyàn, ẹ pe ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó. Ó ti gbà láti dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Aago márùn-ún ni a ó ti kúlà. Bọ́ọ̀sì Èkó àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gbéra ní aago mẹ́fà. Àbúrò ọkọ yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti mutí. Ọkọ̀ lè sùn síbí, ọdẹ wà. Ẹ má fi ẹni tó ti yó sórí ọ̀kadà.

Bí ẹnì kan bá sùn tí a jí i tí kò jí, tàbí tí èémí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun. Ẹ má rọ epo pupa tàbí omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. UCH ni kí ẹ gbé e lọ. Ọkọ̀ funfun ẹnu géètì wà fún èyí. Awakọ̀ rẹ̀ kò ní kúrò títí àlejò ìkẹyìn yóò fi lọ.