Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ orin jùjú yìí? Àwo tí wọ́n lù níbi ìgbéyàwó ní Òṣogbo, 1983

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olólùfẹ́ orin jùjú. Orin kan ni mò ń wá. Òun ni bàbá mi àti màmá mi jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ní Òṣogbo, lóṣù kọkànlá ọdún 1983. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí bàbá ti fi wá sílẹ̀. Màmá yóò pé ẹni ọdún 65 ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe fún wọn, orin yẹn nìkan ni wọ́n dárúkọ.

Àbúrò màmá ló gbé rẹ́kọ́dà lọ sóde ọjọ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù tó ṣeé gbọ́ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn eléré ti sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun nígbà yẹn, ni wọ́n bá gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Ó dá mi lójú pé àwo ni, torí à ń gbọ́ abẹ́rẹ́ tó ń ha á, ó sì fò lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá orin tó jáde lẹ́yìn 1983. Ẹni méjì ti ní kí n lọ gbọ́ "Ace" ti Ṣínà Peters. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n 1989 ni ìyẹn jáde.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Ọkùnrin kan ló ń lé e:

"Bí mo bá délé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn?"

Àwọn elégbè á dáhùn pé, "Èmi ni o, èmi ni." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sọ ọ́ báyìí. Lẹ́yìn náà, ó dárúkọ Àdùkẹ́, ìyókù kò sì yé mi, torí obìnrin kan ń pariwo lẹ́bàá rẹ́kọ́dà pé, "Ẹ lẹ owó mọ́ ọn níwájú!" Màmá ní ẹ̀gbọ́n bàbá ni.

Gángan wọlé lẹ́yìn ìyẹn, gìtá sì dákẹ́ fún un. Ohun tó sọ nìyí: re re mí mí, re mí mí. Màmá ní, "Ọkọ wá dé, ilé kún" ló ń wí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní rárá o, "Ọmọ wá dé, ilé kún" ni. Ohùn kan náà ni méjèèjì lórí ìlù, n kò sì lè dá wọn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àwo náà á mọ èyí tí akọrin fi ẹnu rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìlù, torí ibẹ̀ gan-an ni kásẹ́ẹ̀tì já sí.

Nínú ohun èlò, mo gbọ́ dùùrù kékeré tí wọ́n máa ń gbé kọ́ àyà, tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bá I.K. Dáíró, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀ mọ irú dùùrù bẹ́ẹ̀ nínú jùjú. Mo ti gbọ́ gbogbo àwo rẹ̀ tí ọwọ́ mi tẹ̀, n kò bá a níbẹ̀. Kò sí gìtá tí ń fa ohùn gùn bí ẹkún, irú èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù máa ń ta lẹ́yìn Sunny Adé. Ohùn akọrin tín-ín-rín, àmọ́ ẹ má gbára lé ìyẹn jù. Ó ṣeé ṣe kí bátìrì ti máa kú nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, torí ohùn gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló yá ju bó ṣe yẹ lọ, títí kan ohùn bàbá mi. Bàbá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó ní, "Mo ti tẹ aṣọ ẹ." Ohùn ọmọdé ló jọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwo jùjú ìgbà yẹn ṣe rí: ojú kan lè máa lọ láìdúró títí abẹ́rẹ́ á fi kan àárín, orin kan á máa wọnú òmíràn. Ó lè jẹ́ pé àárín irú ojú bẹ́ẹ̀ ni tèmi wà, tí orúkọ tó wà lára páálí kò sì jọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ orúkọ akọrin, ojú àwo tó wà, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn eléré tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ méjì láti fi kọ́ ọ.

Bó bá sì jẹ́ pé ìlà kan péré lẹ rántí lẹ́yìn "ilé kún," ẹ kọ ọ́ síbí. Màmá á mọ̀ bóyá òun ni.