Ètò wẹ́bínà ẹ̀jẹ̀ ríru, Sátidé 31 Ọ́kítóbà 2026: ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fèsì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìpàdé àná o, ẹ sì kú ìnáwó. Alága ní kí n kọ gbogbo ohun tá a fẹnu kò sí sílẹ̀ kó má di pé oníkálukú ń sọ tiẹ̀, torí náà ó gùn, ẹ bá mi fara dà á. Ẹ má kàn ka ìlà méjì kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ o, mo mọ̀ yín.

Sátidé 31 Ọ́kítóbà ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àbújá, ní họ́ọ̀lù tá a sanwó rẹ̀ ní Gwárínpá, a ó sì tú ká ní 5:45. Àwọn tó ń béèrè pé kí ló dé tá ò fi bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, àwọn Alhaji àti Alhaja wa máa kírun Alásárì kí wọ́n tó jókòó, tó bá sì ti ń lọ sí aago mẹ́fà Mọ̀gàríbì ti dé nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, àárín ìrun méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ wọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìfúnpá àwọn tó bá wá sí họ́ọ̀lù láti 2:30, ìyẹn ló máa mú wọn tètè dé. Àwọn tó bá wà lórí Súùmù kò ní rí ti ìyẹn jẹ, àmọ́ wọ́n á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Nàìjíríà: dókítà ọkàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì wa ní Tòróńtò, famasísì wa ní Hiústìnì, àti Àǹtí tó mọ̀ nípa oúnjẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kuala Lumpur ní Màléṣíà. Àǹtí Màléṣíà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀, torí aago mọ́kànlá alẹ́ ló máa lù lọ́dọ̀ tiwọn nígbà tá a bá ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé Alága fẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ torí ipò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣàánú ẹni tó fẹ́ sùn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ aago, ibi tó le jù nìyí. Nàìjíríà kì í yí aago, UTC+1 la wà láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Àwọn tọ̀hún ló máa ń yí tiwọn, wọn kì í sì í yí i lọ́jọ́ kan náà. Lọ́ńdọ̀nù máa dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan lóru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè 25 Ọ́kítóbà. Tòróńtò àti Hiústìnì ò ní ṣe tiwọn títí di Sọ́ńdè 1 Nòfẹ́ńbà, ìyẹn ọjọ́ kejì ètò wa. Màléṣíà kì í yí i rárá. Ẹ wá wò ó, Sátidé 24 la máa ṣe rìhásà, lọ́jọ́ yẹn aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Àbújá dọ́gba, dókítà á wọlé ní aago mẹ́rin tiwọn. Tó bá wá di Sátidé kejì, aago mẹ́rin tiwa ti di aago mẹ́ta tiwọn. Tí wọ́n bá ní àwọn á wọlé "ní àkókò tá a wọlé lọ́jọ́sí," wákàtí kan gbáko ni wọ́n máa fi pẹ́, ìgbà yẹn a ti ń dé ibi ìbéèrè. Àwọn mẹ́ta tó kù, aago kan náà ni wọ́n á rí lọ́jọ́ méjèèjì.

Torí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ "4pm" lásán ránṣẹ́ sí wọn mọ́. Aago Àbújá ló máa ṣáájú, kí ti ẹni náà tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é sínú kàlẹ́ńdà Google, ẹ mú Lagos níbi tí wọ́n ti ń béèrè time zone torí ẹ ò ní rí Abuja níbẹ̀, kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ á wá yí i sí ti oníkálukú. Sẹ́kírítérì ti fi ti rìhásà àti ti ọjọ́ gan-an ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ọ̀kan náà ni.

Ẹ wo èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olùbánisọ̀rọ̀, bó ṣe wà yìí ni kẹ́ ẹ dà á kọ, ẹ má fi nǹkan kan kún un:

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ ọlọ́run. Ìránlétí ètò ẹ̀jẹ̀ ríru wa rèé.
Rìhásà: Sátidé 24 Ọ́kítóbà, 4:00 ìrọ̀lẹ́ Àbújá. Lọ́ńdọ̀nù 4:00 ìrọ̀lẹ́, Tòróńtò 11:00 àárọ̀, Hiústìnì 10:00 àárọ̀, Kuala Lumpur 11:00 alẹ́.
Ọjọ́ ètò: Sátidé 31 Ọ́kítóbà, 4:00 ìrọ̀lẹ́ Àbújá. Lọ́ńdọ̀nù 3:00 ọ̀sán (aago yín á ti yí padà), Tòróńtò 11:00 àárọ̀, Hiústìnì 10:00 àárọ̀, Kuala Lumpur 11:00 alẹ́.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú lọ́jọ́ méjèèjì. Líǹkì tiyín wà nínú ímeèlì tí Súùmù fi ránṣẹ́ sí yín, ti yín nìkan ni, ẹ má fún ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ wo inú Spam kẹ́ ẹ tó pè wá. A ó máa retí yín, ẹ ṣé gan-an."

Aago méjì ọ̀sán Àbújá la ó máa fi ìránlétí wọn ránṣẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwa, aago méjì òru ni ní Hiústìnì, wọ́n á ṣe bí ẹni pé ẹnì kan kú nílé. Aago méjì ọ̀sán tiwa ni gbogbo wọn jí sí: mẹ́jọ àárọ̀ Hiústìnì, mẹ́sàn-án Tòróńtò, mẹ́sàn-án alẹ́ Màléṣíà. A ó fi ránṣẹ́ ní Tọ́sìdeè 22, lẹ́yìn náà Tọ́sìdeè 29, àti ọjọ́ ètò gan-an. Ní Mọ́ńdè 26, Àǹtí Akápò máa pe dókítà Lọ́ńdọ̀nù, pípè o, kì í ṣe mẹ́sééjì, láti rán wọn létí pé aago ti yí.

Ti àwọn tó fẹ́ wò ó láti ilé, ètò tiwọn yàtọ̀. Wọ́n máa forúkọ sílẹ̀ kí líǹkì tó dé bá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé líǹkì Súùmù gan-an sójú Fesibúùkù, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀, àwọn ọmọkọ́mọ tó máa ń wọlé wá gbé ìranù sójú ìwé pọ̀ lóde. Àwọn bàbá àti ìyá tí kò ní ímeèlì, kí ọmọ tàbí àbúrò wọn fi tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Wẹ́bínà la rà, kì í ṣe mítìǹgì lásán, ìyẹn ni pé ohùn wọn ò lè jáde àfi tá a bá gbà wọ́n láàyè, a ò ní máa gbọ́ adìyẹ ará ilé kan nígbà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ (ní ti Súùmù ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan dábàá lánàá, ọ̀fẹ́ yẹn ìṣẹ́jú 40 ló ń jẹ́ kéèyàn lò kó tó lé gbogbo wa síta). Ìbéèrè wọn á wọ inú Q&A, ẹni tó ń darí ètò á kà á sókè.

Èyí ló máa lọ sí Wáàsáàpù fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà:

"Ẹ kú àárọ̀ o. Òní ni òní ń jẹ́! Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àbújá. Tẹ́ ẹ bá wà ní Àbújá, ẹ máa bọ̀ ní họ́ọ̀lù Gwárínpá láti 2:30 kí wọ́n wọn ìfúnpá yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá jìnnà, ẹ wo líǹkì nínú ímeèlì tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ fi fóònù sórí ṣájà, ẹ ra dátà sílẹ̀, ẹ sì pe màmá yín wá bá yín wò ó."

Rìhásà wá kù. Họ́ọ̀lù gan-an la ti máa ṣe é, pẹ̀lú míkísà gan-an àti àwọn sípíkà gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á ṣe é nílé. Ohun tó máa ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni ohùn. Brọ̀dá Sáùǹdì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ kó wà lákọsílẹ̀: ohùn tó ń ti Súùmù bọ̀ á lọ sí sípíkà họ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ padà sínú Súùmù. Máìkì họ́ọ̀lù nìkan ló máa wọ láptọ́ọ̀pù. Láti mọ̀ bóyá ó dáa, nọ́ọ̀sì Tòróńtò á ka ení, èjì dé ẹ̀wá, tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ara wọn tó ń padà wá bá wọn, ẹ tún aux yẹn tò, ká tún kà á. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ohùn máa jáde nínú ẹ̀ ní gbogbo họ́ọ̀lù. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá jókòó sẹ́yìn tí wọ́n tún ṣí Súùmù lórí fóònù, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa hu.

Lẹ́yìn ìyẹn, a máa pa iná họ́ọ̀lù níbi mẹ́ìnì, ní tòótọ́, nígbà tí famasísì bá ń sọ̀rọ̀. Rúútà, láptọ́ọ̀pù àti míkísà á wà lórí ínfátà, ká wo bóyá Súùmù á já kí jẹ́ń tó gbà á. Tó bá já lọ́jọ́ rìhásà, a ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún un ṣe. Dátà ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa gbé wá, waya la ó sì fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ rúútà, kì í ṣe Wáífáì tí èrò á máa bá wa fà. Mo fẹ́ kí upload ó tó 5 Mbps kí n tó fọkàn balẹ̀.

Ẹni méjì á jẹ́ kó-hóòsì, ọ̀kan ní họ́ọ̀lù, ọ̀kan nílé tiẹ̀ ní Kúbwà, kó lè jẹ́ pé tí họ́ọ̀lù bá já, àwọn ará Súùmù ò ní wà láìní olórí. Kámẹ́rà kan á kọjú sí èrò kí àwọn olùbánisọ̀rọ̀ rí ojú àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ní họ́ọ̀lù, máìkì á dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu, Bàbá Alága náà wà lára wọn o, ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé ohùn yín ń ròkè àmọ́ Hiústìnì ò lè gbọ́ ọ.

Kí gbogbo olùbánisọ̀rọ̀ fi síláìdì wọn ránṣẹ́ ní PDF kó tó di Tọ́sìdeè 22, ká fi pamọ́. Àǹtí Màléṣíà á tún gba fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún wa, tí nẹ́tíwọọ̀kì wọn bá ṣe ségesège tàbí tí oorun bá gbé wọn, a máa fi fídíò náà hàn, a ò ní máa wojú ara wa.

Ohun tó ṣì kù lọ́wọ́ wa: tani yóò ra dísẹ́ẹ̀lì, èló sì ni lítà báyìí? Àǹtí Akápò ní kí ẹni tó bá mọ ibi tó ti dínwó lápá Dèí-Dèí sọ kó tó di ọjọ́rú. Brọ̀dá Sáùǹdì, ẹ tún dá mi lóhùn bóyá waya láti míkísà sí láptọ́ọ̀pù yẹn gùn tó, torí tábìlì wa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.