Ọjọ́ Tí Owó Oṣù Àkọ́kọ́ Bá Wọlé

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ níwájú mi yìí, ẹ kú oríire. Wọ́n ní kí n má pẹ́, nítorí náà ọjọ́ kan péré nínú ayé yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọjọ́ tí owó oṣù yín àkọ́kọ́ bá wọlé.

Ní tèmi, ọjọ́ mọ́kànlá ni owó náà lò lọ́wọ́ mi. Mo ra bàtà méjì, mo ra fóònù, mo ṣe àwọn ọ̀rẹ́ lálejò. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, mo yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mi ò kábàámọ̀ bàtà náà, ọ̀kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé oṣù tó rọrùn jù láti fowó pamọ́ ni mo fi ṣòfò. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀, mo sì yè.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ojú yín kò tíì mọ owó yìí. Kò tíì sí ilé, ọkọ̀ tàbí àṣà kan tó ti gbára lé e. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, gbogbo rẹ̀ á ti ní ibi tó ń gbà lọ, yíyọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń yọ eyín. Ẹni tó bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má sọ pé ẹ ó fi èyí tó bá ṣẹ́kù pamọ́. Kò ní ṣẹ́kù. Ẹ ní kí báǹkì fúnra rẹ̀ máa gbé 10 nínú 100 lọ sí àkáǹtì mìíràn lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, èyí tí káàdì ìnájà yín kò dé. Bí 10 bá nira, ẹ fi 3 bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi owó kún owó oṣù yín, kí ìdajì àfikún náà máa gba ọ̀nà kan náà lọ.

Gbèsè tí èlé rẹ̀ wúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Kí ẹ wá kó owó ìnáwó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà jọ fún àìsàn tàbí ìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́. Ẹni tó ń ran àwọn ará ilé lọ́wọ́, kí ó dá iye kan fún wọn lóṣooṣù. Ìrànlọ́wọ́ tí kò ní òdiwọ̀n ló ń jẹ àjẹṣẹ́kù run.

Lẹ́yìn náà ni ìdókòwò. Ká ní ìbejì kan wà. Èkíní ń fi 100,000 sílẹ̀ lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún 22 fún ọdún 10, ó wá dáwọ́ dúró, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní 32, ó sì ń fi 100,000 sílẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi pé ẹni 60. Ká ní èlé jẹ́ 8 nínú 100 lọ́dún. 1,000,000 ni èkíní kó sílẹ̀, èkejì kó 2,800,000. Ṣùgbọ́n ní ọdún 60, ti èkíní á tó 12,500,000, ti èkejì á jẹ́ nǹkan bí 9,500,000. Èlé èkíní ti bímọ, ọmọ náà ti bí tirẹ̀. Ọgbọ́n ìṣirò kan wà tó ń fi iye ọdún tí owó á fi di ìlọ́po méjì hàn: ẹ fi iye èlé pín 72. Ẹ fi 8 pín in, ẹ ó rí 9: lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 9, owó náà á di ìlọ́po méjì.

Mi ò purọ́ fún yín, ọjà ìpín ìdókòwò kì í fúnni ní 8 gúnlẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún míì á gbé e sókè, òmíràn á fà á lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó tí ẹ máa nílò láàárín ọdún mélòó kan kò fi gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí báǹkì bá ń san èlé 3 nínú 100 lọ́dún, tí iye owó ohun tí à ń rà sì ń fi 6 nínú 100 gbówó lórí, owó yín ń rù níbi tí ẹ fi í sí. Àpò ìdókòwò tó ra díẹ̀díẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kéré, tó ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí èrè ńlá kíákíá, ẹ sá fún un. Ní 1920, ní Boston, Charles Ponzi ṣèlérí 50 lórí 100 láàárín ọjọ́ 45. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ló fi ń san ti àwọn aṣáájú, ó sì wó kí ọdún náà tó parí.

Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ nínú yín, kí ó mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wá. Màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn títí di aago mẹ́rin, ká jọ wò ó bóyá ibi iṣẹ́ náà ń fi tiwọn kún owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ ṣeun.