Ọ̀rọ̀ Ìtọ́ni fún Fídíò Kékeré: Adùn Ọjọ́ Ìgbéyàwó

Ṣe fídíò ìṣẹ́jú àáyá 40 tó kó adùn ọjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ Yorùbá kan jọ, ní ìwọ̀n 9:16 kó lè kún ojú fóònù. Ẹbí méjèèjì ni yóò máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Ìyá àgbà ẹni ọdún 80 náà yóò wò ó, nítorí náà ohun tí yóò mú un gbé ojú kúrò kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ìlù ni kó kọ́kọ́ dún kí àwòrán tó yọ. Gángan kan wà lábẹ́ abíyá onílù. Sún mọ́ ọn dáadáa: apá òsì ń fún ọsán, ọwọ́ ọ̀tún di kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ ní orí mú. Igi gbọọrọ méjì kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, gángan kì í ṣe ìlù ológun. Láti ibẹ̀, kí kámẹ́rà rọra gòkè bá èrò lábẹ́ àtíbàbà, bí 150 èèyàn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí oòrùn ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Gèlè ẹbí ìyàwó jẹ́ àwọ̀ ewé, ti ẹbí ọkọ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè.

Ayọ̀ wọn kò gbọdọ̀ rí bákan náà. Bí gbogbo ẹnu bá là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò dà bí ìpolówó ọṣẹ ìfọyín. Àǹtí kan ń jó, ó fi ọwọ́ kan di gèlè mú kó má bàa yẹ̀. Bàbá kan jókòó, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ gbe ìlù lẹ́sẹ̀. Ọmọ kan sùn fọnfọn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láàárín ariwo náà.

Aṣọ ni kó o fara balẹ̀ sí jù. Àlàárì ni tọkọtaya wọ̀, pupa tó jinlẹ̀ bí obì. Bàbá ìyàwó wọ sányán, bàbá ọkọ wọ ẹtù. Aṣọ òkè ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe sátíìnì tó ń kọ mànà: jẹ́ ká rí ojú rírán níbi tí wọ́n ti so àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, ká rí i pé ó wúwo nígbà tí ọkùnrin bá ń ká apá agbádá lé èjìká. Ìyùn wà lọ́rùn àti lọ́wọ́ ìyàwó, hóró rẹ̀ kò dọ́gba tán. Gèlè gbọ́dọ̀ jókòó sí orí, kó má máa léfòó.

Nígbà tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ìlù rẹlẹ̀. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí ìyàwó. Gbogbo wọn ṣí fìlà. Ọ̀kan gbàgbé, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já a gbà lórí rẹ̀, wọ́n sì pa ẹ̀rín mọ́ra. Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, kì í ṣe orúnkún lásán. Kámẹ́rà náà lọ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Má ṣe ya àwọn àgbà láti òkè rárá. Ìsàlẹ̀ ni ká ti máa wo ojú wọn. Bàbá ìyàwó na ọwọ́ méjèèjì lé ọkọ lórí, ètè rẹ̀ ń mì fún àdúrà tí a kò gbọ́ dáadáa. Ìyá ìyàwó fi etí ìborùn nu ojú. Dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 6 gbáko, má gé e.

Ìyàwó wọlé, ìbòjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú, àwọn ọ̀rẹ́ ń jó tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn òbí, wọ́n ṣí ìbòjú náà, ó rẹ́rìn-ín. Kí èyí yára.

Má ṣe fi owó lílẹ̀ mọ́ iwájú orí sí i, tọkọtaya yìí kò fẹ́ ẹ. Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò, àmì ohùn orí rẹ̀ kì í pé. Má ṣe bó àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni. Ìka ọwọ́ márùn-ún márùn-ún ni, kí ojú èèyàn má sì yí padà láti àwòrán kan sí èkejì.

Ìparí: ìyàwó mú fìlà tí ọkọ ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó dé e fún un. Ó wọ́ díẹ̀. Ó fi ìka méjì tún un ṣe, ìlù ta sókè, èrò hó yèè. Gé e síbẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lára fìlà.