Ètò iṣẹ́ ápù àjọ, láti oṣù Kẹsàn-án dé òpin oṣù Kọkànlá

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o, ẹ kú oòrùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ní Sátidé. Ẹ ní kí n ṣe ápù àjọ fún yín, kí n sì sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà mí. Mi ò lè dáhùn ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ápù márùn-ún ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn: ìwé tí yóò rọ́pò káàdì, ìṣirò òpin oṣù, ibi tí oníbàárà yóò ti máa wo owó rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, ọ̀nà tí wọn yóò fi máa sanwó láti ilé, àti owó yíyá.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò bi mí ní irú ìbéèrè yìí, mo yára ní ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mẹ́rin ni mo lò. Ó ní kí ápù máa sọ fún òun bí ọjà bá ti tán, mo rò pé mo mọ ohun tí "tán" jẹ́. Lójú tirẹ̀, ọjà kò tíì tán bí ó bá ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ lódìkejì títì. Bí ṣọ́ọ̀bù kan ṣe di méjì mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi kọ èyí kalẹ̀ kí n tó tẹ lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí a ó fi sílẹ̀ ná

Owó yíyá kúrò níbẹ̀ pátápátá. Òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ yín wọ̀ ọ́. Sísanwó láti ilé náà ń dúró: owó kankan kò ní gba inú ápù yìí kọjá. Ọwọ́ yín ni owó yóò ṣì máa wà bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí, ápù yóò kàn máa rántí ni. Oníbàárà tó fẹ́ rí owó rẹ̀ yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, kò nílò láti gbé nǹkan kan sórí fóònù rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó wà ní Àtàkúnmọ̀sà, tọ́ọ̀ṣì ni fóònù wọn.

A kò ní gbé e sí Google Play báyìí pẹ̀lú. Dọ́là 25 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn kò le. Èyí tó le ni pé ẹni tó bá forúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì tuntun gbọ́dọ̀ rí èèyàn 12 tí yóò dán ápù náà wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró kó tó lè bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Fóònù mẹ́ta la sì fẹ́ fi í sí, ti yín àti ti àwọn ọmọ méjì tó ń bá yín gbowó. Ọwọ́ mi ni n ó fi gbé e sí i.

Wákàtí tí mo ní

Ẹ mọ̀ pé mo ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Alẹ́ Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, wákàtí méjì méjì; Sátidé, wákàtí márùn-ún. Mọ́kànlá nìyẹn. Mo kà á sí 9 torí iná. Mi ò ka Sọ́ńdè rárá, màmá kò ní gbà.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ara mi: bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, wákàtí mélòó? Bó ṣe máa ń rí gan-an ńkọ́? Bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Mo ka ti àárín nígbà mẹ́rin, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi 6 pín in. Fún ìwé káàdì, ó jẹ́:

```
(20 + 4×30 + 58) ÷ 6 = 33
```

Ibùsọ̀ kìn-ín-ní: títẹ̀lé yín (wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ 1, ọjọ́ 7 sí 13 oṣù Kẹsàn-án)

N ó gba àyè níbi iṣẹ́ fún òwúrọ̀ méjì, n ó bá yín rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Mi ò ní mú kọ̀ǹpútà dání.

Ibùsọ̀ kejì: ìwé àti àmì (wákàtí 33, ọ̀sẹ̀ 4, dé ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá)

Orúkọ oníbàárà, iye tó ń dá, àti àpótí 31 bíi ti káàdì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà o, kò sí o. Inú fóònù ni yóò máa wà, nínú ibi ìkódátàsí kékeré tí wọ́n ń pè ní SQLite.

Ibí ni mo ti fẹ́ lo àkókò jù, torí ibí ni ìjà ti ń wá. "Mo san lọ́jọ́ Tọ́sìdeè!" "O kò san!" Nítorí náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò lè pa rẹ́. Bí ọmọ bá ṣi àmì sí, yóò fi àmì mìíràn fagi lé e, méjèèjì yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn bàbá wa òṣómàáàló lóṣòó títí wọ́n fi gba owó wọn. Ẹ̀yin, ẹ ó kàn ṣí fóònù ni. Ẹni tó san ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan wà nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó gbé ₦500 lọ sí ₦1,000 láàárín oṣù kò sí níbẹ̀. Bí irú wọn bá ju márùn-ún lọ, ẹ sọ fún mi, yóò fi wákàtí 6 kún un.

Oníbàárà 140 ni ẹ pè fún mi. Ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kan, ó sún mọ́ wákàtí márùn-ún. Àwọn ọmọ ni yóò tẹ̀ ẹ́, kò sí nínú 33 mi. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí ẹ tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ibùsọ̀ kẹta: ìṣirò òpin oṣù (wákàtí 18, ọ̀sẹ̀ 2, dé ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá)

Ẹni tó dá ₦500 lọ́nà 31 ní ₦15,500. Ẹ mú ọjọ́ kan, ó kó ₦15,000. Ìyẹn rọrùn. Ẹni tó fẹ́ kó owó lọ́jọ́ kejìlá ńkọ́, ṣé ₦500 náà lẹ máa mú? Oṣù tó ní ọjọ́ 30 ńkọ́, ṣé àpótí kan yóò ṣófo? Mo nílò ìdáhùn yín kí ibùsọ̀ kejì tó parí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dé ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, mo fi í sílẹ̀ fún ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀.

Ibùsọ̀ kẹrin: oṣù kan pẹ̀lú káàdì àti fóònù

Gbogbo oṣù Kọkànlá, ẹ ó máa fi àmì sí méjèèjì. Kò sí bí mo ṣe lè mú èyí yára: ìṣirò òpin oṣù kò ṣeé dán wò bí oṣù kò bá parí. Láàárín oṣù yẹn, n ó ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà àti ẹ̀dà tí yóò wà níbòmíràn bí fóònù bá sọnù, wákàtí 24, ọ̀sẹ̀ 3.

Bí àropọ̀ fóònù àti ti káàdì bá bára mu ní ọjọ́ 30, ó parí. Bí kò bá bára mu, káàdì lẹ ó tẹ̀ lé, a ó sì dúró di oṣù Kìn-ín-ní. Ní oṣù Kejìlá tí gbogbo ayé fẹ́ kó owó ọdún, mi ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lápapọ̀, wákàtí 83, ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ lè ní kí n dúró lópin ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti parí di ti yín. Ọ̀rọ̀ owó mi, ojúkojú la ó sọ ọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi ṣa káàdì mẹ́wàá tó ti kún. Ẹ má ṣa èyí tó mọ́. Àwọn tí ẹ fi bírò fagi lé, tí ẹ kọ nǹkan sí ẹ̀yìn wọn, ni mo fẹ́.

Èmi àbúrò yín.