Àtẹ Àwòrán fún Fídíò Àdúrà Òwúrọ̀ Màmá

Ibi: yàrá Màmá, Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Ọjọ́ Sátidé, ká ti dé ibẹ̀ ní aago 6:00 àárọ̀. Fídíò ò ní ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Àbúrò mi, ìwọ lo máa yà á. Ìyàwó wa ni yóò mójú tó fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà.

Kí o tó tẹ ohunkóhun

Tẹ `Airplane mode`, kí ìpè má baà já àdúrà sí méjì. Fi fídíò sí `1080p` àti `30 fps`. Kámẹ́rà ẹ̀yìn la ó lò: ó mọ́ ju ti iwájú lọ, Màmá ò sì ní máa wo ara wọn. Nu ojú rẹ̀ dáadáa. Fóònù á dúró lóòró lórí tábìlì, kóńgò gààrí méjì ni kó o gbé e lé. Má fi Bíbélì gbé e o, Màmá á lé gbogbo wa jáde.

Pa fáànù. Bí iná bá dé, má tan gílóòbù, pípọ́n rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kì í bára mu. Màmá á jókòó sórí àpótí, fèrèsé ìlà oòrùn á wà lápá òsì wọn, kọ́tìnì funfun nìkan ni kó wà níbẹ̀. Fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun kọ́ ẹ̀yìn àga lápá ọ̀tún, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá ṣókùnkùn. Yọ kàlẹ́ńdà olóṣèlú yẹn lára ògiri, àti káàdì ìsìnkú tí nọ́ńbà fóònù ẹbí wà lára rẹ̀.

Àwòrán 1: Fèrèsé (ìṣẹ́jú àáyá 6)
Ọwọ́ Màmá ń ṣí kọ́tìnì díẹ̀. Ọwọ́ nìkan.

Àwòrán 2: Bíbélì (ìṣẹ́jú àáyá 10)
Láti itòsí, ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Wọ́n á yọ rọ́bà tí wọ́n fi de Bíbélì, wọ́n á ṣí i dé Sáàmù 3. Tẹ ojú ìwé náà lórí fóònù, kí o di ìka mú síbẹ̀ títí ojú kámẹ́rà á fi dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ṣú, á máa mọ́. Jẹ́ ká rí bírò tí wọ́n fi fa ìlà sábẹ́ ẹsẹ Bíbélì. Ápólóòpù ìdámẹ́wàá tó wà láàárín ìwé ńkọ́? Yọ ọ́, orúkọ wọn wà lára rẹ̀.

Àwòrán 3: Kíkà
Láti gèlè dé àyà. Ẹsẹ 8 ni Sáàmù náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kà. Ẹsẹ 5, níbi tí Dáfídì ti dùbúlẹ̀, tó sùn, tó sì jí, ló jẹ́ ká yàn án. Bí ahọ́n wọn bá yọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwòrán 4: Àdúrà
Má pa kámẹ́rà láàárín Àwòrán 3 àti èyí. A lè tún èyí tó kù yà nígbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àdúrà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Màmá ò ní ṣe bí ẹni ń gbàdúrà fún wa. Wọ́n máa gbàdúrà ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé "Màmá, ẹ tún un sọ." Bí àkùkọ bá kọ, kó kọ. Bí èdè Àkúrẹ́ bá wọlé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí omijé bá dé, má sún mọ́ wọn, má sì yí fóònù kúrò.

Wọ́n máa ń tẹrí ba bí wọ́n bá dé orí orúkọ àwọn ọmọ. Torí náà fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ojú wọn má baà bọ́ kúrò nínú àwòrán. Fóònù kejì ni kó máa gba ohùn, lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún wọn. Pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ibẹ̀ la ó ti so ohùn mọ́ àwòrán.

Ìyàwó wa, ẹnu ọ̀nà o! Àwọn ọmọ ilé á fẹ́ wọlé wá kí Màmá.

Àwòrán 5: Ẹ̀yìn èjìká (ìṣẹ́jú àáyá 8)
Láti ẹ̀yìn wọn, fèrèsé níwájú. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun la ó fi bo ibi tí a bá gé.

Àwòrán 6: Orin àti Àmín
Èyí tí Màmá bá dá la ó gbè. Kí ẹnì kankan má pàtẹ́wọ́ nítòsí fóònù.

Bí a ó ṣe tò ó yà

3, 4 àti 6 la máa kọ́kọ́ yà, láti aago 6:50, torí Ìyá Ìbejì ń tan ẹ̀rọ ata ní 7:30. Lẹ́yìn náà 2, 5, 1. Àwọn yẹn ò nílò ohùn.

Kí Màmá tó tú gèlè, wo gbogbo rẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ pẹ̀lú íyápíìsì. Bí o bá ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, fi `Document` ránṣẹ́ kó má baà bà jẹ́.