Lẹ́tà méjì lórí iṣẹ́ bọ́họ̀lù àdúgbò wa ní Àpáta

LẸ́TÀ KÌÍNÍ: SÍ ẸNI TÍ IṢẸ́ BỌ́ SÍ LỌ́WỌ́

Àpáta, Ìbàdàn
Mọ́ńdè, 9 oṣù kejì 2026

Ẹnjiníà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú sùúrù wa láti oṣù tó kọjá. Kọmitíì omi ẹgbẹ́ onílé ló ní kí n kọ̀wé yìí. A jókòó ní Sátidé 7 oṣù yìí, a wo ìwé mẹ́rin tó wọlé lásìkò nínú márùn-ún, a sì fẹnu kò pé ẹ̀yin la gbéṣẹ́ fún, ₦4,850,000 bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an, kò sí àfikún, kò sí àyọkúrò. Ẹ kú oríire.

Kì í ṣe pé owó yín ló kéré jù o, ẹnìkan kọ ₦3,200,000. Sọ́fè tẹ́ ẹ fi yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò ló gbà yín là. Ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀rọ wá, tẹ́ ẹ kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé Bàbá Alága, tẹ́ ẹ ta wáyà sí i, tẹ́ ẹ wá là á mọ́lẹ̀ fún wa pé ibi táwa ń fọwọ́ tọ́ka sí yẹn, òkúta gidi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ká sún sápá ibi igi máńgòrò. Orí òkúta ni gbogbo Ìbàdàn jókòó lé, omi ibẹ̀ inú ibi tí òkúta ti sán tàbí tó ti rà ló máa ń wà, èèyàn ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Tiwa tún wá ń jẹ́ Àpáta, orúkọ ò kúkú purọ́. Lọ́dún 2022 ẹnìkan wá, ó yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní omi wà, ó gbẹ́ ẹ dé 60 mítà, eruku funfun ló ń tú jáde títí ilẹ̀ fi ṣú, owó wa sì lọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà: ẹ ó gbẹ́ 80 mítà, páìpù oníke ínṣì 5, ẹ ó da òkúta wẹẹrẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, súmò họsípáwà 1.5, táńkì onílítà 5,000 méjì lórí irin. Ẹ jọ̀ọ́, a máa dúró tì yín ka irin ìgbẹ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, kó má di pé ẹ ní 80 àwa rí 55.

Owó: ₦1,940,000 tẹ́ ẹ bá ti buwọ́ lùwé àdéhùn, ₦1,455,000 tómi bá jáde, ₦1,212,500 tí súmò bá gbé omi dénú táńkì. ₦242,500 tó kù á wà lọ́wọ́ wa fóṣù mẹ́fà, torí súmò tó dáa lónìí lè kú lọ́la.

Lẹ́tà yìí kọ́ ni àdéhùn o, ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ jáde. Ẹ fèsì kó tó di Fráídè 13, ká jọ buwọ́ lùwé, kíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè 16, kó sì parí kí 9 oṣù kẹta tó kọjá. Ààwẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nìkan lẹ fi lè ṣiṣẹ́.

Èmi ni,
Akọ̀wé, kọmitíì omi


LẸ́TÀ KEJÌ: SÍ ÀWỌN MẸ́RIN YÒÓKÙ

Àpáta, Ìbàdàn
Mọ́ńdè, 9 oṣù kejì 2026

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun gan-an tẹ́ ẹ fi àkókò yín sílẹ̀. Ó dùn wá láti sọ ọ́, àmọ́ iṣẹ́ bọ́họ̀lù yẹn ò bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì la gbé e fún, ₦4,850,000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ má lọ máa rò pé a ti mú ẹni tá a fẹ́ mú tẹ́lẹ̀. Ìwé ẹnìkan wọlé lọ́jọ́ kejì sí ọjọ́ tá a dá, a ò ṣí i rárá. Àwọn méjì ò fi sọ́fè sí i, bẹ́ẹ̀ òun la kọ́kọ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú wọn lowó ẹ̀ kéré jù, ó wù wá ká mú un, àmọ́ a ti jìyà ẹ̀ rí. Ẹnìkẹrin, iṣẹ́ yín mọ́, àwa tá a ti rí bọ́họ̀lù tẹ́ ẹ gbẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò kàn sọ iye oṣù tẹ́ ẹ máa fi dúró lórí súmò, a pè yín lẹ́ẹ̀mejì ẹ ò gbé e.

₦50,000 tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ á wọ àkáǹtì yín padà kí Tọ́sìdeè 12 tó parí. ₦5,000 fọ́ọ̀mù la ti sọ ṣáájú pé kì í padà. Ẹni tó bá fẹ́ wo bá a ṣe fún oníkálukú ní máàkì, kó wá sílé mi títí di Fráídè 13, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ sókè. Iṣẹ́ gọ́tà náà ń bọ̀ lọ́dún yìí, a máa pè yín.

Ẹni tó gbé iṣu mẹ́ta àti kátọ̀nù mọ́ọ̀tì kan lọ sílé akápò wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú mítíìnì, a ò ní dárúkọ. Ó wà lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ géètì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè wá gbé e, iṣu ọ̀hún ti ń hù.

Èmi ni,
Akọ̀wé, kọmitíì omi